Ọmọ Ta Ni Adéwuyì?

Kùmọ̀ balẹ̀ lórí Ṣùkúrù, ó dún gbì. Ṣùkúrù ṣubú, ó ta gìrì, ó sì dákẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú gbọ̀ngàn ní Ìkòsí pàtẹ́wọ́. Ó dìde, ó ṣí fìlà, ó sì fa fóòmù tí wọ́n ká sábẹ́ rẹ̀ jáde.

"Uncle, ẹ wò ó, orí mi ṣì wà."

Uncle Bánjọ kò rẹ́rìn-ín. Irin ló ń tà ní Owódé Onírin, ṣùgbọ́n òun ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní eré ọjọ́ òmìnira ọdún 2006. Òun fúnra rẹ̀ ló gbá Ṣùkúrù, nítorí Dàmọ́lá tó yẹ kó gbá a kò wá.

Eré ọba kan tó kú ni. Ó fi ìyàwó mẹ́ta àti ọmọkùnrin mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adéwọlé, Adéwuyì, Adéwùmí, Adéwálé, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ wọn jọra títí dé orí àbíkẹ́yìn. Wọ́n sì ń pa ara wọn nítorí oyè.

"Ẹ má fi orúkọ dá wọn mọ̀," Uncle Bánjọ wí. "Orúkọ á tàn yín jẹ. Yàrá ìyá ni kí ẹ wò. Àwọn ọmọ ìyáálé ń gba ẹnu ọ̀nà ọ̀tún wọlé, àwọn ọmọ ìyàwó kejì ń gba òsì, ti ìyàwó kékeré ń gba ẹ̀yìn ìtẹ́. Ẹ sì tẹ́tí. Ọmọ ìyá yín á ní 'ìyá wa', ọbàkan á ní 'ìyá yín'. Ẹni tó bá ń fi 'ẹ' bá yín sọ̀rọ̀, àbúrò yín ni."

Fikáyọ̀, tó ń ṣe Adéwuyì, lọ wá Dàmọ́lá. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà. Ó bá a ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Kétu, òun àti Ọpẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí kò sí nínú eré.

"Uncle ń bínú," Fikáyọ̀ wí.

Ọpẹ́ kò gbójú sókè. "Dàmọ́lá, wọ́n tún fẹ́ kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń na èèyàn? Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni ẹ́ ni?"

"Mo ti há ọ̀rọ̀ tèmi sórí," Dàmọ́lá dáhùn. "Ta ni Adé yìí jẹ́ sí Adé yẹn, kò kàn mí. Adéwọlé ni mí. Ẹnì kan á sáré wá, màá gbá a."

"Ta lo máa gbá?"

"Adé tó bá kọ́kọ́ dé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Fikáyọ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ eré, Uncle Bánjọ gbé kùmọ̀ lé Dàmọ́lá lọ́wọ́, ó sì di igi náà mú díẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. "Fóòmù wà lórí ẹnì kan ṣoṣo. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Ojú ti Dàmọ́lá láti béèrè. "Mo mọ̀ ọ́n, sà."

Gbọ̀ngàn kún. Ìjà bẹ̀rẹ̀ lórí ìtàgé. Wọ́n fún ọmọ ọba kan lọ́rùn, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ òmíràn láyà, omi pupa tí wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn kiri. Ọpẹ́ ń pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Fọ́ wọn lórí!" Ara Dàmọ́lá gbóná.

Fikáyọ̀ sáré wọlé láti ẹnu ọ̀nà ọ̀tún, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ igi yẹn sílẹ̀. Ìyá wa ní kí n bẹ̀ yín."

Dàmọ́lá gbé kùmọ̀ sókè, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ gbá a.

Fikáyọ̀ ṣubú, etí rẹ̀ ba igun símẹ́ǹtì ìtàgé. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde kò mọ́lẹ̀ bí omi pupa, ó dúdú. Dàmọ́lá ń dúró kó ta gìrì, kó sì dìde. Nígbà náà ló rí Ṣùkúrù lẹ́nu ọ̀nà òsì, Adéwùmí ọmọ ìyàwó kejì, tó dúró pẹ̀lú àdá onípákó, fóòmù lábẹ́ fìlà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Fikáyọ̀ kò dé ilé ìwòsàn láàyè.

Àwọn ọlọ́pàá mú Dàmọ́lá àti Uncle Bánjọ. Nígbà tí wọ́n tú Dàmọ́lá sílẹ̀, ìyá rẹ̀ mú un lọ bá bàbá Fikáyọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Àyàndélé. Ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá náà, tó ti gbọ́ eré náà lẹ́nu ọmọ rẹ̀ nílé, kò ní kó dìde.

"Ọmọ ta ni Adéwálé?"

"Ọmọ ìyàwó kejì ni, sà. Àbúrò Adéwùmí."

"Adéwuyì ńkọ́?"

"Ọmọ ìyá mi ni, sà."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni, sà. Ó ní 'ìyá wa'."

Bàbá náà mi orí. "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí a bá ń jà pàápàá, ó yẹ ká gbọ́ràn. Dìde, máa lọ sílé."

Ohun tí a kò bá mọ̀, ká béèrè. Ìtìjú ẹni tó béèrè kì í pẹ́ lọ. Dàmọ́lá ti wá mọ ìyá ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kò ṣi ọ̀kan. Omi tó ti dànù, kò ṣe é kó mọ́.